'Ẹja tútù' àti 'ọjọ́ mẹ́ta' nínú àdéhùn ìkójà ilé oúnjẹ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń túmọ̀ àdéhùn láàárín ilé oúnjẹ kan àti ẹni tí yóò máa kó ẹja wá fún un. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ní kí ẹja má wọ firísà rí, kí wọ́n kó o dé láàárín aago mẹ́fà sí mẹ́jọ àárọ̀, kí ó sì ṣẹ́ku ọjọ́ mẹ́ta tó fi ṣeé lò. Mo kọ ọ́ pé: 'Ẹja tútù ni yóò máa dé láàárọ̀, yóò sì lo ọjọ́ mẹ́ta.' Ṣé ó pé?

Ìdáhùn: Kò tíì pé, 'tútù' ló sì léwu jù níbẹ̀. Lẹ́nu wa, tútù ni ohun tí kò gbóná, òun ni ohun tí kò gbẹ, òun náà ni ohun tí a kò tíì sè. Ọ̀rọ̀ tó yí i ká la fi ń mọ èyí tí a ń sọ. Ẹja inú firísà gan-an, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é ní ẹja tútù, kí wọ́n lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ẹja gbígbẹ. Bí olùpèsè bá wá kó ẹja tó ti dì, tó sì yọ́ lójú ọ̀nà wá, ìwé yín ló máa gbè é lẹ́sẹ̀.

Ẹ kọ ohun tí wọn kò gbọ́dọ̀ ṣe sí i: 'ẹja tí wọn kò mú dì rí láti ìgbà tí wọ́n ti pa á'. Bí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ bá dárúkọ ìwọ̀n òtútù, ẹ má fi 'kí ó tutù dáadáa' rọ́pò rẹ̀. Yìnyín tó ń yọ́ wà ní 0°C, ìdí nìyẹn tí àdéhùn ẹja fi máa ń sún mọ́ iye yẹn. Ẹ wò ó bóyá ó sọ ibi tí wọn yóò ti wọ̀n ọ́n. Awọ ẹja tó sùn sórí yìnyín lè tutù nini kí inú ẹran rẹ̀ tó nípọn ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí náà 'àárín ẹran' àti 'ara ẹja' kì í ṣe ọ̀kan náà. Bákan náà ni àmì ojú: 'kí ojú rẹ̀ mọ́ kedere, kí ó yọ síta, bí a bá fìka tẹ ẹran rẹ̀, kí ó padà sípò'. 'Kí ó dára' lásán kò lè dá ẹja kankan padà lẹ́nu ọ̀nà.

Ọjọ́ mẹ́ta ńkọ́? Ibẹ̀ ni àṣà kíkà wa ti wọ̀ ọ́. Àwa a máa ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn. Ọjọ́ méjì péré ni ìjẹta fi jìnnà sí òní, síbẹ̀ ẹẹ́ta ló wà nínú orúkọ rẹ̀. Ọjà ọrún náà, ọjọ́ mẹ́rin ló ń yí po. Òfin Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà ka ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ mọ́ iye ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Ká ní wọ́n kó ẹja dé ní Ọjọ́ Ajé. Ẹni tó ń kà á bí Yorùbá yóò ní Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, ó parí. Ẹni tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì yóò bẹ̀rẹ̀ láti Ìṣẹ́gun, yóò sì dé Ọjọ́bọ̀. Odindi ọjọ́ kan ti sọnù, ẹja kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ ọ́ pé: 'ọjọ́ mẹ́ta gbáko, láìka ọjọ́ tí wọ́n kó o dé mọ́ ọn'. Kí ẹ tó kọ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ojú ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ níwájú àdéhùn náà, bóyá wọ́n ti sọ bí wọn yóò ṣe máa ka ọjọ́. Bí kò bá sí, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbé iṣẹ́ fún yín. Ẹ má fúnra yín dá a lẹ́jọ́.

'Láàárọ̀' kò tó rárá, torí aago mọ́kànlá náà àárọ̀ ni. Ẹ kọ aago méjèèjì. Ẹ tún sọ ohun tó gbọ́dọ̀ ti parí kí aago mẹ́jọ tó lù: ṣé kí ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ni, àbí kí ẹja ti bọ́ sílẹ̀? Bí ọkọ̀ bá dé ní aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú márùn-ún, tí wọ́n sì jájà tán ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, 'kí ó dé' yóò fún olùpèsè láre. 'Kí wọ́n ti já a sílẹ̀ fún ilé oúnjẹ' kò ní fún un.

Ẹ wò ó tún bóyá Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sọ pé àkókò ni ìpìlẹ̀ àdéhùn. Lábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì, gbólóhùn yẹn lè jẹ́ kí olùrà kọ ọjà, kí ó sì fòpin sí àdéhùn, nítorí ìdádúró tí kò tó nǹkan. 'Àkókò ṣe pàtàkì' ń gbani nímọ̀ràn lásán. Ẹ fi í sí 'májẹ̀mú tí àdéhùn yìí dúró lé'. Níbi tí ó bá sì ti fún ilé oúnjẹ láǹfààní láti dá ẹja padà, ẹ kọ 'ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ ọ́', ẹ má kọ 'lè kọ̀ ọ́', nítorí 'lè' tún lè túmọ̀ sí pé bóyá yóò kọ̀ ọ́, bóyá kò ní kọ̀ ọ́.