Ìwé ni ò pé, ọmọ ṣọ́ọ̀bù ò jalè

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Pirofísọ̀n ni mò ń tà n'Íbàdàn, mo sì ní ọmọ ṣọ́ọ̀bù kan. Gbogbo ìgbà tí mo bá ka ọjà ni owó kì í pé, mo ti wá ń fura sọ́mọ yẹn gan-an. Akáńtáǹtì kan ní kí n máa kọ gbogbo ohun témi fúnra mi bá mú ní ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ṣé kì í ṣèmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù ni? Ta ni mo fẹ́ jí i lọ́wọ́ ẹ̀?

Ìdáhùn: Àǹtí mi, ẹ kú ọjà o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lé ọmọ yẹn lọ. Ẹ̀yin lẹ ni ṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tó ń bá yín du ìyẹn, àmọ́ tó bá ti dinú ìwé, ẹ̀yin ọ̀tọ̀, ṣọ́ọ̀bù ọ̀tọ̀. Ẹ mú un bíi pé ṣọ́ọ̀bù yẹn jẹ́ ẹnì kan tẹ́ ẹ kó owó lé lọ́wọ́ pé kó máa bá yín fi ṣòwò. Owó tẹ́ ẹ kọ́kọ́ kó fún un, òun là ń pè ní ojú owó, gbèsè yín ló wà lọ́rùn ẹ̀ yẹn. Tó bá jèrè, gbèsè yẹn pọ̀ sí i, tẹ́ ẹ bá mú nǹkan níbẹ̀, gbèsè yẹn dín kù. Ohun tẹ́ ẹ mú yẹn làwa akáńtáǹtì ń pè ní dírọ́ínsì, kì í ṣe ìnáwó ṣọ́ọ̀bù, kì í sì í ṣe òfò, ẹ̀yin lẹ gba díẹ̀ nínú ohun tó jẹ́ tiyín, àmọ́ ìwé gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹ ti gbà á.

Ẹ jẹ́ n fi ti oníbàárà mi kan ṣàlàyé, irú ọjà tẹ́ ẹ̀ ń tà lòun náà ń tà, mo kàn sọ àwọn owó ẹ̀ di gbọnrangandan kó lè rọrùn ni. Nígbà tóṣù bẹ̀rẹ̀, ọjà tó wà nílẹ̀ jẹ́ ₦1,200,000, iye tó rà á la fi kà á o, kì í ṣe iye tó ń tà á, owó tó wà lọ́wọ́ sì jẹ́ ₦100,000. Ojú owó ẹ̀ nígbà yẹn jẹ́ ₦1,300,000 nìyẹn. Láàárín oṣù, ó tún ra ọjà ₦800,000 sí i. Nígbà tóṣù parí tá a ka ọjà, ₦1,100,000 ló kù, tó túmọ̀ sí pé ọjà ₦900,000 ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Náírà 15 ló máa ń gbé lé gbogbo ₦100 tó bá fi ra ọjà, so tó bá jẹ́ pé wọ́n ta gbogbo ọjà tó kúrò yẹn ni, ₦1,035,000 ló yẹ kó wọlé. Ìwé ọmọ ṣọ́ọ̀bù ní ₦966,000 lòun tà. ₦69,000 ò sí ńbẹ̀, màdáámú ti fárí gá, ó ní ọlọ́pàá lòun máa pè.

Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀. Mo bi wọ́n pé nínú oṣù yìí, kí lẹ̀yin fúnra yín gbé lọ sílé? Wọ́n kọ́kọ́ ní kò sí. Nígbà tó yá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rántí: páálí ìndómì méjì táwọn ọmọ gbé lọ sí bọ́dìǹ, semó, mílíìkì, òróró, ọṣẹ, èyí tí wọ́n kó fún ìyá wọn nígbà tí wọ́n wá kí wọn. A kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ ní iye tí wọ́n rà á, ó jẹ́ ₦60,000. Ẹ wá gbé 15 nínú 100 lé ₦60,000 kẹ́ ẹ wo ohun tó máa fún yín, ₦69,000 ni. Ọmọ ọlọ́mọ ò mú nǹkan kan. Ọjà tó gbà lóòótọ́ láti tà jẹ́ ₦840,000, ó sì ti tà á pé.

Ìkejì wá ni owó tó wà lọ́wọ́. Èrè orí ọjà ₦840,000 yẹn jẹ́ ₦126,000. Owó oṣù ọmọ ṣọ́ọ̀bù, owó ilé, iná àti pẹtiróòlù jẹ́ ₦66,000, ó ku ₦60,000 tó jẹ́ èrè gidi. Tá a bá ṣírò owó tó wọlé àtèyí tó jáde, ₦200,000 ló yẹ kó wà nílẹ̀, ₦85,000 la bá. ₦115,000 tó kù, owó ilé ìwé ọmọ gba ₦70,000, aṣọ ẹbí gba ₦25,000, gáàsì àti owó ọkọ̀ kó ₦20,000. Wọ́n ti kọ gbogbo èyí mọ́ ìnáwó ṣọ́ọ̀bù, torí ẹ̀ ni ìwé wọn fi sọ pé òfò ₦115,000 ni wọ́n ṣe, wọ́n sì ti ń ronú àtikógbá sílé. Ibi tó dùn mí jù nìyí, torí ọjà tó ń pa èrè ni wọ́n fẹ́ tì pa.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé ṣọ́ọ̀bù pa ₦60,000, màdáámú sì mú ₦175,000 (ọjà ₦60,000, owó ₦115,000). Wọ́n ti ń jẹ ojú owó. ₦1,300,000, ẹ fi ₦60,000 kún un, ẹ yọ ₦175,000, ó ku ₦1,185,000. Ẹ tún wo ohun tó wà nílẹ̀, ọjà ₦1,100,000 àti owó ₦85,000, ₦1,185,000 náà ni. Nígbà tí méjèèjì bá ti bára mu báyìí, ẹ mọ̀ pé ìwé pé.

Tiyín náà, ẹ ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ nínú ìwé fún ohun tẹ́ ẹ bá mú, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, torí tó bá fi dalẹ́, ẹ ti gbàgbé. Iye tẹ́ ẹ ra ọjà ni kẹ́ ẹ kọ, kì í ṣe iye tẹ́ ẹ̀ ń tà á, torí ẹ ò lè jèrè lórí ara yín. Tẹ́ ẹ bá mú owó látilé wá kún ọjà, ẹ kọ ìyẹn náà, ojú owó ló wọlé, kì í ṣe títà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ máa rò pé ọjà ń tà gan-an. Tí jẹnẹrétọ̀ kan náà bá ń tan iná ṣọ́ọ̀bù àti ti ilé, ẹ pín pẹtiróòlù ẹ̀ bó ṣe ń lò ó, ti ṣọ́ọ̀bù nìkan ni ìnáwó, ti ilé jẹ́ dírọ́ínsì. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ máa sanwó oṣù fún ara yín, ó dáa, ó máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ibi tẹ́ ẹ máa dúró, ṣùgbọ́n dírọ́ínsì náà lẹ máa kọ ọ́ sí, kì í dín èrè kù.

Ẹ má sì tìtorí ìwé tó pín yín níyà yìí rò pé òfin náà pín yín níyà o. Tó bá jẹ́ orúkọ òwò nìkan lẹ fi sílẹ̀ ní CAC, gbèsè ṣọ́ọ̀bù gbèsè yín ni, ẹni tẹ́ ẹ jẹ lówó lè gbé yín lọ sí kóòtù, kọ́rọ̀ náà kan nǹkan ìní yín nílé. Òfin ka kọ́ńpìnnì tó ní límítẹ́ẹ̀dì sí ẹni ọ̀tọ̀, bí ilé ẹjọ́ tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe dá a lọ́dún 1897 nínú ẹjọ́ Salomon, ọkùnrin kan tó ń ṣe bàtà. Ní irú kọ́ńpìnnì bẹ́ẹ̀, dáírẹ́kítọ̀ lè gba owó oṣù kó sì jẹ́ ìnáwó lóòótọ́, àmọ́ owó mìíràn tó bá kàn fà yọ lè di gbèsè tó gbọ́dọ̀ dá padà.

Lọ́jọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, ẹ ka ọjà kẹ́ ẹ tó ṣílẹ̀kùn, kẹ́ ẹ tún kà á nígbà tóṣù bá parí. Tẹ́ ẹ bá ti yọ gbogbo ohun tẹ́yin mú, tẹ́ ẹ tún yọ ọjà tó bàjẹ́ àti ẹ̀dínwó tẹ́ ẹ ṣe fún oníbàárà, tówó ò sì tíì pé, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó pe ọmọ yẹn kẹ́ ẹ bi í.