Bí a ṣe ń sọ táìmù-tébù tí wọ́n kọ ní ìpínrọ̀ di àtẹ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà kíláàsì JSS 1 ni mí ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Ọ̀gá wa kọ táìmù-tébù ọ̀sẹ̀ fún wa bí ẹni kọ lẹ́tà, ìpínrọ̀ kan fún ọjọ́ kan. Mo fẹ́ sọ ọ́ di àtẹ tí mo lè lẹ̀ mọ́ ògiri, Excel ni mo sì ń lò. Ṣùgbọ́n píríọ́dù ọjọ́ kan ń jẹ́ méje, ti òmíràn ń jẹ́ mẹ́jọ. Níbo ni mo ti ń ṣì í?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, tíṣà wa. Ó jọ pé inú ìpínrọ̀ lẹ ti ń kó ọ̀rọ̀ bọ́ sínú àtẹ tààrà, láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ ìpínrọ̀ a máa sọ pé "ó kàn", "yóò tẹ̀lé e", "títí di". Àtẹ ní tirẹ̀, aago nìkan ló mọ̀. Bí ẹ bá ka iṣẹ́ tó gba píríọ́dù méjì sí ẹyọ kan, gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò sún síwájú, àpótí tó kẹ́yìn yóò sì ṣófo.

Ẹ pa àwọn orúkọ iṣẹ́ tì ná. Ẹ kọ́kọ́ wá aago ìbẹ̀rẹ̀, aago bíréèkì, aago ìparí àti iye ìṣẹ́jú tó wà nínú píríọ́dù kan. Ẹ jẹ́ ká mú un pé aago 8:00 lẹ ń bẹ̀rẹ̀, bíréèkì jẹ́ 10:40 sí 11:00, ẹ ń parí ní 1:40, píríọ́dù kan sì jẹ́ ìṣẹ́jú 40. Láti 8:00 sí 10:40 jẹ́ ìṣẹ́jú 160, ìyẹn píríọ́dù mẹ́rin. Láti 11:00 sí 1:40 náà jẹ́ 160, mẹ́rin mìíràn nìyẹn. Bí ìṣẹ́jú yín kò bá pín dọ́gba, tó ku mẹ́wàá tàbí ogún, a jẹ́ pé àpéjọ òwúrọ̀ tàbí ohun mìíràn ti fara pamọ́ síbẹ̀. Ẹ wá a rí kí ẹ tó tẹ̀síwájú.

Bí ọjọ́ Ẹtì bá ń parí ní 12:20 nítorí Jímọ̀, píríọ́dù méjì péré ló ní lẹ́yìn bíréèkì. Àpótí tí ẹ ní láti kún lọ́sẹ̀ wá di 38: mẹ́jọ mẹ́jọ fún ọjọ́ mẹ́rin, mẹ́fà fún ọjọ́ Ẹtì. Ẹ kọ 38 yẹn síbì kan, a máa padà dé orí rẹ̀.

Nínú Excel, ẹ to ọjọ́ sí òpó A, láti ìlà kejì dé ìkẹfà, kí ẹ sì to aago sí ìlà àkọ́kọ́. Píríọ́dù mẹ́rin àkọ́kọ́ wà ní B dé E, bíréèkì wà ní F, mẹ́rin yòókù wà ní G dé J. Ní òpó F, lẹ́tà BREAK márààrún bá ọjọ́ márààrún mu rẹ́gí, bí gbogbo wa ṣe rí i lára ògiri nígbà tá a wà ní kékeré.

Ó wá kan kíkún. Ẹ má ti òwúrọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ máa kà á lọ. Ibi tí ọ̀gá bá ti dárúkọ aago tàbí bíréèkì ni kí ẹ kọ́kọ́ kún, nítorí ibẹ̀ kò lè yẹ̀. Ẹ wo ìpínrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí mo kọ fún àpẹẹrẹ:

"Gẹ̀ẹ́sì ni yóò ṣíwájú, Yorùbá yóò tẹ̀lé e. Sáyẹ́ǹsì ni yóò gbà á títí di bíréèkì. Tí a bá wọlé padà, Ìṣirò ni títí di 12:20, Kọ̀ǹpútà yóò tẹ̀lé e, Ẹ̀kọ́ Ìlú ni a ó fi parí."

Ẹni tó bá yára kà á yóò ka orúkọ iṣẹ́ mẹ́fà, yóò sì kún àpótí mẹ́fà. Kò síbi tí ìpínrọ̀ yìí ti sọ pé "dọ́bù". Ṣùgbọ́n Ìṣirò bẹ̀rẹ̀ ní 11:00, ó parí ní 12:20: ìṣẹ́jú 80, dọ́bù ni. Gẹ̀ẹ́sì gba 8:00, Yorùbá gba 8:40, nítorí náà 9:20 ni Sáyẹ́ǹsì bẹ̀rẹ̀. Bó bá sì máa dé bíréèkì, dọ́bù ni òun náà.

| 8:00 | 8:40 | 9:20 | 10:00 | | 11:00 | 11:40 | 12:20 | 1:00 |
|---|---|---|---|---|---|---|---|---|
| Gẹ̀ẹ́sì | Yorùbá | Sáyẹ́ǹsì | Sáyẹ́ǹsì | R | Ìṣirò | Ìṣirò | Kọ̀ǹpútà | Ẹ̀kọ́ Ìlú |

Òdì kejì rẹ̀ ni iṣẹ́ méjì tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá lè kọ ọ́ pé àwọn ọmọ Kìrìsìtẹ́nì yóò ṣe CRS, kó tún wá fi gbólóhùn mìíràn sọ pé àwọn ọmọ Mùsùlùmí yóò ṣe IRS. Gbólóhùn méjì ni, àpótí kan ni. Ẹ kọ ọ́ ní CRS/IRS.

Nígbà mìíràn, ìpínrọ̀ fúnra rẹ̀ ló jìn sí kòtò. Ká ní ti Ọjọ́rú sọ pé: "Lẹ́yìn bíréèkì, Ọ̀gbìn, lẹ́yìn náà dọ́bù Ìṣirò, a ti parí nìyẹn." Mẹ́ta ni, àyè mẹ́rin ló wà. Ẹ má fi iṣẹ́ tó wù yín dí i o! Ẹ fi àmì ìbéèrè síbẹ̀, kí ẹ sì bi ọ̀gá báyìí pé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, láti 1:00 sí 1:40 lọ́jọ́rú, kí la fẹ́ ṣe?" Ìbéèrè tó dárúkọ aago máa ń tètè rí ìdáhùn ju "táìmù-tébù yín kò pé" lọ, kò sì ní mú ọ̀gá bínú.

Tí ẹ bá kún un tán, ẹ kọ orúkọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí òpó L, láti L2 lọ sísàlẹ̀, kí ẹ sì kọ èyí sí M2, kí ẹ fà á wálẹ̀:

```
=COUNTIF($B$2:$J$6,L2)
```

Yóò sọ iye ìgbà tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wáyé lọ́sẹ̀. Ẹ ro òpó M pọ̀. Bó bá jẹ́ 38, ó pé. Bó bá jẹ́ 37, ó lè jẹ́ àmì ìbéèrè yẹn, ó sì lè jẹ́ pé ẹ kọ "Sáyẹ́ǹsì" síbì kan, ẹ kọ "Basic Science" síbòmíràn, tàbí pé àyè òfìfo wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀. Excel kò ní ka irú wọn mọ́ra wọn. Àmọ́ 38 nìkan kò tó. Bí ẹ bá mọ̀ pé márùn-ún ni Ìṣirò lọ́sẹ̀, tí M sì ń sọ mẹ́rin, iṣẹ́ mìíràn ló gba àyè rẹ̀.

Nítorí kíkà yìí ni mo ṣe kọ dọ́bù sí àpótí méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tètè sáré lọ tẹ `Merge & Center` kó lè rẹwà. Bí ẹ bá ti so àpótí méjì pọ̀, ti apá òsì nìkan ni Excel máa fi sílẹ̀, dọ́bù yóò wá di ẹyọ kan nínú kíkà. Ìgbà tí iye bá ti pé ni kí ẹ tó so wọ́n pọ̀, ìgbà náà sì ni kí ẹ kọ JÍMỌ̀ sí àpótí méjì tó ṣófo lọ́jọ́ Ẹtì.

Kí ẹ tó gbé e lọ tẹ̀ ní Dùgbẹ̀, ẹ yí ìwé sí `Landscape`, kí ẹ sì yan `Fit Sheet on One Page`, kí òpó J má baà ṣí sí ojú ìwé kejì.

Ohun kan tí àtẹ yìí kò lè fi hàn yín ni ìkọlù tíṣà. Kíláàsì kan péré ló wà níbẹ̀. Bí tíṣà Ìṣirò kan náà bá ń kọ́ JSS 2, ẹ gba àtẹ tiwọn, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín, kí ẹ wo àpótí Ìṣirò nìkan, ọjọ́ sí ọjọ́. Ibi tí aago bá ti pàdé, ọ̀gá ló máa yanjú ìyẹn.