Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ wá darí àwọn tó ń gba ẹ̀sùn kọ́sítọ́mà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. À ń wá ẹni tó máa darí àwọn tó ń gba ẹ̀sùn kọ́sítọ́mà lọ́dọ̀ wa, nọ́ọ̀sì kan tó ti jẹ́ olórí wọ́ọ̀dù fún ọdún 8 sì kọ̀wé sí wa. Sí-fíì ẹ̀ wù mí, àmọ́ aláìsàn àti oògùn ló kún inú ẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tiwa kankan níbẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó lè ṣe é, tí mi ò kàn ní máa méfò?

Ìdáhùn: Ẹ gbé sí-fíì yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ìwé tẹ́ẹ fi ṣàlàyé iṣẹ́ tiyín gan-an ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ mú, kẹ́ẹ yọ gbogbo orúkọ sọ́fúwíà àti ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé inú iléeṣẹ́ yín nìkan ni wọ́n ti ń sọ ọ́ kúrò, kẹ́ẹ wá kọ ohun tí ẹni yìí á máa ṣe gangan ní oṣù 6 àkọ́kọ́, bí ẹni ń ṣàlàyé fún àlejò. Ó dá mi lójú pé nǹkan bíi mẹ́ta ló máa kù: ẹ̀sùn á máa wọlé ju ọwọ́ tó wà nílẹ̀ lọ, òun ló máa sọ èyí tó máa ṣáájú, àwọn tó ń lọ sílé á fa iṣẹ́ lé àwọn tó ń bọ̀ lọ́wọ́, nǹkan kan ò sì gbọdọ̀ já bọ́ láàárín, tí nǹkan bá bàjẹ́, á wá ìdí ẹ̀ kó má baà tún ṣẹlẹ̀.

Olórí wọ́ọ̀dù ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ ẹ má tíì yọ̀ o. Ibi tí iṣẹ́ méjèèjì ti yàtọ̀ lẹ máa wá. Ní wọ́ọ̀dù, wọ́n sábà máa ń ti kọ ìlànà sílẹ̀ nípa aláìsàn tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn, àwọn nọ́ọ̀sì tó wà lábẹ́ ẹ̀ sì mọ̀ pé òun ni olórí. Lọ́dọ̀ yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló máa kọ ìlànà yẹn fúnra ẹ̀, kó sì tún máa bẹ àwọn ẹnjiníà tí kì í ṣe ọ̀gá wọn. Torí náà ohun méjì ni kẹ́ẹ bi í: ìgbà kan tí ìlànà tó wà nílẹ̀ ò bá ọ̀rọ̀ tó délẹ̀ mu, àti ìgbà kan tó nílò nǹkan kíákíá lọ́wọ́ ẹni tí ò lè pàṣẹ fún, bíi dókítà tàbí àwọn ará lábù. Èdè tí gbogbo èèyàn gbọ́ ni kẹ́ẹ fi bi í o, torí tẹ́ẹ bá fi èdè iléeṣẹ́ yín bi í, ẹ̀ ń dán an wò lórí èdè yẹn ni, ẹ ò tíì débi iṣẹ́.

Ká ní ó sọ fún yín pé lóru ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì méjì ò wá, òun pín àwọn tó kù, gbogbo ẹ̀ sì lọ dáadáa. Ìyẹn ò tíì tó. Ẹ bi í pé, "Kí lẹ fi sílẹ̀ láì ṣe?" Tó bá ní òun sún wíwẹ̀ àti ìpààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì sí àárọ̀, òun ò jẹ́ kí oògùn àti àyẹ̀wò èémí yẹ̀ lákòókò ẹ̀, òun tọrọ ẹnì kan lọ́wọ́ wọ́ọ̀dù kejì láti aago 2 sí aago 4, òun sì kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fáwọn tó ń bọ̀ láàárọ̀, ohun tẹ́ẹ̀ ń wá nìyẹn. Ẹni tó ṣe é rí mọ ohun tó fi sílẹ̀ àti ẹni tínú bí sí i.

Lẹ́yìn náà ẹ fún un níṣẹ́ díẹ̀ ṣe. Ẹ mú ẹ̀sùn àtijọ́ bíi 12, ẹ yọ orúkọ kọ́sítọ́mà kúrò, ẹ fi ìwé ojú kan tì í tó ṣàlàyé àwọn ọ̀rọ̀ yín, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 40 kó tò wọ́n, kó kọ ìdí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sì kọ ohun tó máa sọ fún ẹni tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni kẹ́ẹ fún àwọn tó ti ń ṣe irú iṣẹ́ yín tẹ́lẹ̀, kẹ́ẹ sì ti fẹnu kò lórí bẹ́ẹ ṣe máa fún wọn ní máàkì kẹ́ẹ tó ka ti ẹnikẹ́ni.

Ìdí tó kọ yẹn lẹ máa wò jù. Tó bá fi ẹ̀sùn ńlá sísàlẹ̀ torí ọ̀rọ̀ kan tí ò yé e, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló máa fi kọ́ ìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ẹni tó pariwo jù ló kọ́kọ́ dá lóhùn, ìyẹn ò sí lára ohun tẹ́ẹ lè fi ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ wò sàn. Tó bá sì wá rí i pé ẹ̀sùn kéékèèké mẹ́ta jọ ti orísun kan wá, tí ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yín ò rí i, ẹ fi sọ́kàn gidigidi.

Àmọ́ tí iṣẹ́ yín bá gba pé òun fúnra ẹ̀ ló máa mọ̀ bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló bàjẹ́ tàbí sọ́fúwíà, ìmọ̀ nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ èdè mọ́, wọ́ọ̀dù ò sì lè kọ́ ọ. Ẹ wò ó bóyá ẹnì kan wà tó lè jókòó tì í fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Tí ò bá sí, ẹ má gbé e sí ipò yẹn, ẹ sì sọ ìdí ẹ̀ fún un ní tààrà.