Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré, ó ti ń béèrè káàdì

“Ọkùnrin kan tí mo pàdé lórí ẹ̀rọ ayélujára ní ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn ní èmi lòun máa fẹ́. Àná ló ní kí n ra gífìtì káàdì, kí n ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ ránṣẹ́. Kí ni kí n ṣe?”

Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á. Nọ́ńbà tí ẹ bá ha jáde lẹ́yìn káàdì yẹn, owó gan-an ni. Ẹni tó bá rí i lè ná an tàbí kó tà á láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, láìdárúkọ ara rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó mú kó wù wọ́n ju àkáǹtì lọ nìyẹn, torí orúkọ wà lára àkáǹtì.

Àbúrò mi kan níbí ní Ogbómọ̀ṣọ́ kó sí i. Ẹnjiníà lórí òkun lọ̀gbẹ́ni náà pe ara rẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í sì í jẹ́ kó ṣe fídíò. Nígbà tí àbúrò mi fi káàdì àkọ́kọ́ ránṣẹ́, ó ní kò ṣiṣẹ́, kó ra òmíràn. Irọ́ ni! Ó ti ná an.

Ẹ kọ ọ́ sí i pé: “Mi ò kì í fi owó tàbí káàdì ránṣẹ́ sí ẹni tí mi ò tíì rí lójúkojú.” Ẹ má ṣàlàyé kankan sí i. Bó bá bínú, tàbí tó ní ẹ ò nífẹ̀ẹ́ òun, ẹ ya àwòrán ọ̀rọ̀ yín pamọ́, kí ẹ tó dí i pa.

Bí ẹ bá ti fi ránṣẹ́ ńkọ́? Ẹ pe ilé iṣẹ́ tó ni káàdì náà lónìí, kí wọ́n ti èyí tó bá kù nínú rẹ̀ pa. Ẹ tọ́jú káàdì àti rìsíìtì. Ẹni tó bá ní òun á bá yín gba owó náà padà, kí ẹ kọ́kọ́ sanwó, olè kejì ni.