Oṣù kan náà, ọdún méjì: Nìjẹ̀ àti Nàìjíríà

"Ẹ jọ̀ọ́ Àáfà, kí ló fà á tí àwọn ará Nìjẹ̀ fi ṣọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ ní Àtàláátà lọ́dún 2024, tí àwa sì ṣe tiwa ní Àlàrùbá? Ṣebí ojú ọ̀run kan náà là ń wò?"

Mo ti gbọ́ àlàyé tí wọ́n ṣe lórí rédíò, pé oṣù a máa tètè dé ilẹ̀ ẹlòmíràn ju tiwa lọ. Ó dùn mí pé ẹni tí wọ́n fún ní gbohùngbohùn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Bírínín Kónì tó wà ní Nìjẹ̀ kò tó 100 kìlómítà sí Sókótó, oòrùn sì ń wọ̀ fún ìlú méjèèjì ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kan náà. Báwo ni oṣù ṣe fẹ́ lé ní Kónì kó fo Sókótó? Ẹ̀rí ló ya ọdún wọn: ta ló jẹ́rìí, ta ló gbà á lẹ́nu rẹ̀, àwọn wo ló sì ń tẹ̀ lé ẹni tó gbà á.

Ẹ wo ọdún 2024 náà. Ọjọ́ Àtìní, 11 Máàṣì, la bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ní Nàìjíríà, nítorí náà ìrọ̀lẹ́ Àtìní, 8 Épírì, ló pé ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n tí a ní láti wá oṣù. Ọjọ́ yẹn gan-an ni oṣù bo oòrùn lójú ní Mẹ́síkò àti Amẹ́ríkà, tí ọ̀sán gangan ṣókùnkùn. Oòrùn kì í ṣú bẹ́ẹ̀ àyàfi tí oṣù bá wà láàárín àwa àti òun, ìyẹn ni pé oṣù àtijọ́ ń kú lọ, tuntun kò tíì lé. Ní aago tiwa, alẹ́ ọjọ́ náà, ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú 21, ni oṣù tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Oòrùn sì ti wọ̀ káàkiri Nìjẹ̀ àti Nàìjíríà kó tó di ìgbà yẹn. Kó tó ṣeé rí pẹ̀lú ojú lásán, oṣù sábà máa ń gbà tó wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ẹ̀rí dé iwájú àwọn aláṣẹ ẹ̀sìn ní Nìjẹ̀, wọ́n sì gbà á. Súlútáánì Sókótó, tó máa ń kéde oṣù fún wa ní Nàìjíríà, kò rí ẹ̀rí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, a bá gba ààwẹ̀ ọgbọ̀n pé. Nírọ̀lẹ́ Àtàláátà, ọjọ́ orí oṣù ti ju wákàtí mẹ́tàlélógún lọ, ó ti ṣeé rí.

N kò pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́. Ìkùukùu tẹ́ẹ́rẹ́ tí oòrùn tàn sí lábẹ́ lè tan olódodo jẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn òwe àwọn baba wa: "Oṣù lé, wọ́n ní kò gún, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o kó lọ tún un ṣe." Aláríwísí ni wọ́n ń fi bá wí lónìí, ṣùgbọ́n èmi gbà pé ẹni tó ń wo oṣù ní ti gidi ló kọ́kọ́ pa á. Oṣù kì í gún dọ́gba lóòótọ́. Ní Máàṣì àti Épírì, ó máa ń dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn bí ọkọ̀ ojú omi, ìwo rẹ̀ méjèèjì kọjú sókè. Tó bá di Sẹ̀tẹ́ńbà, á dagun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìwó, mo sáré wọlé, mo ń pariwo pé, "Oṣù ti lé!" Bàbá àgbà ní, "Ìwo rẹ̀ kọ ibo? Ọwọ́ ọ̀tún ibi tí oòrùn wọ̀ sí ni àbí òsì? Ó ga tó ìkúùkù mélòó?" Mi ò rí èsì fún wọn. A gbààwẹ̀ lọ́jọ́ kejì, a ò ṣọdún. Ìbéèrè báyìí ló ń fọ́ ẹ̀rí òfo, àwa sì ti ṣíwọ́ bíbéèrè rẹ̀. Fóònù làwọn ọmọ ń wò báyìí, wọn kì í gbójú sókè.

Ìyapa yìí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Hàdíìsì tí Ìmáàmù Múslìm gbà wá sọ pé Úmù Fádìlì, ìyá Íbínù Àbáásì, rán Kùráíbù sí Muáwíyà ní Ṣáámù, ìyẹn ilẹ̀ Síríà. Àwọn ará ibẹ̀ rí oṣù ààwẹ̀ ní alẹ́ Jímọ̀, Kùráíbù náà rí i. Nígbà tó padà dé Mẹ̀dínà, Íbínù Àbáásì ní àwọn rí tiwọn ní alẹ́ tó tẹ̀ lé e, àwọn yóò sì máa gbààwẹ̀ títí ọgbọ̀n yóò fi pé tàbí títí àwọn yóò fi rí òmíràn. Kùráíbù ní, "Ṣé oṣù tí Muáwíyà rí kò tó ni?" Íbínù Àbáásì ní rárá, bẹ́ẹ̀ ni Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ṣe pa á láṣẹ fún wọn. Orí hàdíìsì yìí ni àwọn onímọ̀ ti pín. Àwọn kan ní ìlú kọ̀ọ̀kan ló ni rírí tirẹ̀, àwọn mìíràn ní ẹ̀rí ibì kan tó fún gbogbo ayé.

Nítorí náà ni àwọn kan nínú Sókótó pàápàá fi kírun Yídì ní Àtàláátà ọ̀hún. Ẹ̀rí Nìjẹ̀ ni wọ́n gbà, Súlútáánì sì wà nítòsí wọn, ó ṣì ń gbààwẹ̀.