Yíyọ owó ìtọ́jú ọmọ nínú owó oṣù

Kóòtù ní ká máa yọ ₦30,000 owó ìtọ́jú ọmọ lára owó òṣìṣẹ́ wa kan ní Adó-Èkìtì, kí ₦70,000 sì máa ṣẹ́ kù fún un. Lẹ́yìn owó orí àti pẹ́ńṣàn, ₦92,000 ló kù lóṣù yìí. Èló la máa yọ?

₦22,000 ni. Ẹ má tíì yọ owó kọpuréétìfù o! Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń bà jẹ́: tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ yọ ₦15,000 ìyẹn, ₦7,000 péré ló máa kan ọmọ, bẹ́ẹ̀ bàbá rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ wọ ẹgbẹ́. Ní ti ₦8,000 tí kò pé, ẹ wo ìwé àṣẹ náà bóyá ó ní kẹ́ ẹ gbé e sí oṣù tó ń bọ̀. Tí kò bá sọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé kóòtù kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án.