Afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ gbóná ju ti ìṣirò lọ

Ìbéèrè kan dé pé: Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tọ́báìnì gáàsì wa n'Ìkẹjà ń fa afẹ́fẹ́ 30°C wọlé, ó ń fún un títí ìfúnpá rẹ̀ fi di ìlọ́po 8. Ìṣirò ní kó jáde ní 276°C, tẹmómítà ń ka 330°C. Ṣé tẹmómítà ló bàjẹ́ ni?

Kò pọn dandan: nọ́ńbà yẹn bá kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tí ìmúṣẹ́ṣe áísẹntírópíìkì rẹ̀ jẹ́ 82% mu. Ní kẹ́lífìn, ìyẹn °C tí a fi 273 kún, ìmúṣẹ́ṣe náà, η, jẹ́:

η = (549 − 303) / (603 − 303) = 0.82

Lókè ni iṣẹ́ tí ẹ̀rọ aláìlábùkù ì bá gbà. Nísàlẹ̀ ni èyí tí tiyín gbà gan-an. Díẹ̀ nínú iṣẹ́ ọ̀pá ẹ̀rọ ló di ooru, nítorí pé afẹ́fẹ́ ń ha abẹ lára, ó ń rú, òmíràn sì ń jò padà gba orí abẹ kọjá. Ooru yẹn kò ṣeé sọ padà di iṣẹ́ tán. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní pé ẹ́ńtírópì ti pọ̀ sí i. Ní ti tọ́báìnì, iṣẹ́ gidi ló ń bọ́ sí òkè ìdá náà, nítorí pé ó ń mú iṣẹ́ jáde ni.

Lójú tèmi, bí 82% náà ṣe ń yí ló yẹ kí ẹ máa ṣọ́. Eruku àti iyọ̀ afẹ́fẹ́ òkun Èkó máa ń lẹ̀ mọ́ abẹ. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ tí ooru àbájáde sì wálẹ̀ láìjẹ́ pé ìlọ́po náà yí padà, ìdọ̀tí ni. Bí kò bá wálẹ̀, ẹ yẹ àlàfo orí abẹ wò.

Ìṣirò yìí kò bá kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tí wọ́n ń fi ọ́ìlì tàbí omi tù mu, torí ooru ti sá lọ kó tó dé ojú tẹmómítà.